Orí Kẹfà: Bí Orúkọ Bá Di Ìgbàgbé, Bí Àtẹ̀jíṣẹ́ Bá Ṣìnà

Ohun tí a fẹ́ kọ́

Lẹ́yìn tí o bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí o lè:

1. ṣàlàyé ìdí tí orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé fi máa ń tètè kúrò lọ́kàn;
2. béèrè orúkọ tí o ti gbàgbé lọ́wọ́ àgbà tàbí ẹgbẹ́ rẹ láìrí i fín;
3. mọ ohun tí ó yẹ kí o ṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí o sì tọrọ àforíjì tó bá ìwọ̀n ọ̀ràn náà mu.

6.1 Ìdí tí orúkọ fi ń kúrò lọ́kàn

Nígbà àjọ̀dún Lísàbí tí wọ́n máa ń ṣe ní Abẹ́òkúta lọ́dọọdún, àwọn ọmọ Ẹ̀gbá a máa wálé láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti ìlú òyìnbó. Ọ̀dọ́ tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́, àti agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ní Òkè-Ìlèwó lè kí ogún ènìyàn láàárín wákàtí méjì. Gbogbo wọn ló máa sọ orúkọ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ojú púpọ̀ á ṣì wà lọ́kàn, ṣùgbọ́n orúkọ díẹ̀ ló máa kù.

Ohun méjì ló ń fa èyí. Èkíní ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ fẹ́ kàn kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ dáadáa. Ní ọdún 1973, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Malcolm Brenner, mú kí àwọn ènìyàn jókòó yíká, kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà gẹ́rẹ́ kó tó kan ènìyàn ni onítọ̀hún kì í sábà rántí. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbi ìfira-ẹni-hàn. Nígbà tí Màmá kan ń sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, ìwọ ń ronú bí o ṣe máa kúnlẹ̀ tàbí bí o ṣe máa dọ̀bálẹ̀, o sì ń to orúkọ tìrẹ sẹ́nu. Kì í ṣe pé o gbàgbé orúkọ Màmá náà. Kò wọlé sí ọ létí rárá.

Èkejì ni pé orúkọ kì í sọ ohunkóhun nípa ojú tó ni ín. Ní ọdún 1987, àwọn olùwádìí mẹ́rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán àwọn ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí han àwọn ènìyàn, wọ́n sì sọ orúkọ àti iṣẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ni àwọn tí wọ́n dán wò rántí ju orúkọ lọ, kódà nígbà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò fún orúkọ ẹnì kan àti iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń rẹ aṣọ ní aró, a ti rí ọwọ́ rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti ọjà rẹ̀ lójú ọkàn. Bí a bá gbọ́ pé Ọlábísí ni, a mọ ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń yọ̀ sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so ó mọ́ ojú tó wà níwájú wa.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ewu kan tún wà. Orúkọ ìdílé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣó pọ̀ láàárín wa: Ṣódípọ̀, Ṣówándé, Ṣófọlá, Ṣóyínká àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rántí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan lè fi ti ìdílé mìíràn parí rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ nínú orí yìí tibẹ̀ wá: má ṣe méfò orúkọ. Ẹni tó ní òun gbàgbé ń sọ nípa ara rẹ̀. Ẹni tó pe Ṣówándé ní Ṣófọlá níwájú èrò ti gbé ọmọ kúrò nílé bàbá rẹ̀.

6.2 Oyè ń bo ìgbàgbé, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ

Ọmọlúàbí kì í pe àgbà lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n, Màmá, Bàbá, Ìyá Ìbejì, Alhájà, Olóyè, Bàbá Ìjọ, Ìyá Àdínnì: àwọn wọ̀nyí la fi ń pe ènìyàn lójoojúmọ́. Nítorí náà, ènìyàn lè bá àgbà kan dọ́rẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì ní Ìjẹmọ̀ tàbí ní Àsẹ́rò, kí ó má mọ orúkọ rẹ̀, kí àṣírí má sì tú. Ìtura ni èyí jẹ́, àmọ́ ìtura náà ní òpin, àyè mẹ́ta ló sì ti sábà máa ń dópin.

Àyè kìíní ni ìgbà tí o bá fẹ́ fi ẹnì kan han ẹlòmíràn. O kò lè sọ fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé, “Ẹ wo Màmá,” kí o dákẹ́ síbẹ̀. Àyè kejì ni ìgbà tí orúkọ bá fẹ́ wọ inú ìwé: rìsíìtì, ìwé ìpè, tàbí ìwé tí alága ìdúró máa kà níbi ìgbéyàwó. Àyè kẹta ni inú fóònù. Ẹni tó bá kọ “Ìyá Ìbejì” sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú fóònù kan náà ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ṣìnà. A óò padà sórí èyí ní 6.5, nítorí pé àṣìṣe méjèèjì tí orí yìí dá lé máa ń ti orísun kan náà wá.

Oyè fúnra rẹ̀ tún lè di àṣìṣe. Balógun wà ní àdúgbò tó pọ̀ ní Abẹ́òkúta, torí pé àwọn ìlú tó para pọ̀ tẹ ìlú náà dó láti ọdún 1830 mú oyè wọn dání. Bí o bá sọ pé “Balógun ló rán mi,” ẹni tí ń gbọ́ yóò bi ọ́ pé Balógun ibo. Ó yẹ kí o mọ̀ bóyá ọmọ Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá tàbí Òwu ni ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ọba kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Oyè sì máa ń yí padà: ẹni tí o mọ̀ sí Màmá lọ́dún tó kọjá lè ti di Alhájà. Bí o bá ṣì í pè, tún un ṣe lẹ́sẹ̀kan náà, kí o sì fi ìkíni sí i: “Ẹ jọ̀ọ́, Alhájà, ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà. Mi ò tíì gbọ́ ni.” Ìkíni yìí yí àṣìṣe náà sí ọ̀nà láti bu ọlá fún wọn.

6.3 Bí a ṣe ń béèrè orúkọ lẹ́ẹ̀kejì

Ohun tó ń dun ẹni tí a gbàgbé orúkọ rẹ̀ ni èrò pé òun kò já mọ́ nǹkan lójú wa. Nítorí náà, kí a tó béèrè orúkọ, a ní láti fi hàn pé a kò gbàgbé òun fúnra rẹ̀. Ìbéèrè tó dára ní apá mẹ́ta, ó sì yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra.

Kọ́kọ́ sọ ohun tí o rántí. Lẹ́yìn náà, béèrè ní gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, lo orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú oyè tó yẹ, kí o sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Báyìí ni yóò ṣe dún:

“Ẹ̀gbọ́n, a pàdé níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò ní Kútọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ nípa ilé ìkẹ́rùsí ní Láfẹ́nwá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán mi létí orúkọ yín.”

“Lágbájá ni.”

“Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n Lágbájá. Ṣé ilé ìkẹ́rùsí yẹn ti parí?”

Ṣàkíyèsí pé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kò tún mẹ́nu ba ìgbàgbé mọ́. Bí a bá ń sọ pé “Orí mi ò pé, mi ò mọ̀ ọ́n rántí orúkọ rárá, ẹ má bínú o,” Ẹ̀gbọ́n náà ni yóò wá máa rẹ̀ wá lẹ́kún, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yóò sì dúró.

Bí ó bá jẹ́ àgbà tó jù ọ́ lọ dáadáa, “Kí ni orúkọ yín?” le jù létí. “Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, kí ni ká máa pè yín?” ló rọ̀ jù. Ó tún fún Màmá náà láyè láti yan ohun tó wù ú, ìbáà ṣe orúkọ, ìbáà ṣe oyè. Ọ̀nà kejì ni kí o bi ẹni tó tẹ̀ lé e wá, bí ọmọ rẹ̀ tàbí awakọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ la ti máa ń gba ẹnu ẹlòmíràn béèrè ohun tí kò yẹ ká béèrè lójú àgbà. Ọ̀nà kẹta ni kí o na fóònù rẹ sí i: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orúkọ yín síbí, bí ẹ ṣe ń kọ ọ́.” Ẹgbẹ́ ẹni ni èyí dára fún jù. Má ṣe fi ẹnu nìkan béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn, nítorí bí orúkọ náà bá jẹ́ Ayọ̀, wọn yóò mọ̀ pé o gbàgbé, wọ́n á sì mọ̀ pé o fẹ́ fi pamọ́.

Níbi ìfira-ẹni-hàn, bí orúkọ ẹnì kan bá sọnù lójijì, pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ dá ọ lójú, sọ iṣẹ́ èkejì, kí o sì dúró díẹ̀: “Alhájà Lágbájá, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì wa nìyí.” Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbọ́n náà yóò sọ orúkọ ara rẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, lo apá mẹ́ta tó wà lókè. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó gùn ju ìyẹn lọ yóò ti tú ọ fó.

6.4 Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ṣìnà: ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ wò

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró, àtẹ̀jíṣẹ́ ń dúró. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, wo ohun méjì: ṣé wọ́n ti kà á, kí ló sì wà nínú rẹ̀?

Lórí Wasáàpù, àmì eérú kan túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kò tíì dé fóònù wọn. Eérú méjì, ó ti dé. Àmì búlúù méjì, wọ́n ti ṣí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti pa àmì ìkàwé, kò ní di búlúù. Ó sì lè ti ka ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù láìṣí i rárá. Nítorí náà, eérú kì í ṣe ẹ̀rí pé wọn kò rí i. Nínú gúrúùpù, tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí o sì ṣí `Message info`; yóò fi àwọn tó ti kà á hàn ọ́.

Bí wọn kò bá tíì kà á, yan `Delete for everyone`. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2022, àyè tó lé díẹ̀ ní ọjọ́ méjì ló wà fún èyí. Ṣọ́ra fún `Delete for me` tó wà nítòsí rẹ̀. Orí fóònù tìrẹ nìkan ni ìyẹn ti ń pa á rẹ́, ọ̀rọ̀ náà á wà níbi tó wà lọ́dọ̀ wọn, o kò sì ní lè fà á padà mọ́. Bí o bá ṣì í tẹ̀, `Undo` yóò hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Tètè tẹ̀ ẹ́. Ti `Edit`, tó ní àyè ìṣẹ́jú 15, àṣìṣe lẹ́tà ló wà fún; kò lè mú ọ̀rọ̀ kúrò lójú ẹni tí kò yẹ kó rí i.

Pípa rẹ́ kò parí iṣẹ́. Àkọlé kan máa ń kù tó ń sọ pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́, ẹni tó bá sì rí i yóò máa rò ó. Nítorí náà, kọ gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: “Ẹ má bínú, ẹlòmíràn ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.” Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ó ti tán.

Bí wọ́n bá ti kà á, tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn wọ́n, má ṣe kọ́kọ́ pa á rẹ́. Tọrọ àforíjì ná. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tó sì rí i tó pòórá yóò ní ẹ̀dùn méjì dípò ọ̀kan.

Irú kẹta wà tí a sábà ń gbàgbé: àṣírí ẹlòmíràn. Bí o bá fi nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn ẹnì kan ránṣẹ́ sí ẹni tí kò yẹ, ènìyàn méjì lo jẹ ní gbèsè àlàyé. Bẹ ẹni tó gbà á pé kó pa á rẹ́, kí o sì sọ fún ẹni tó ni àṣírí lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó gbọ́ ọ níta.

6.5 Àpẹẹrẹ kan: Ìyá Ìbejì méjì

Ká sọ pé ọ̀dọ́bìnrin kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Níbi ayẹyẹ kan, ó pàdé Màmá kan tó fẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ fún ọgbọ̀n ènìyàn, ọ̀pá márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ènìyàn ń pe Màmá náà ní Ìyá Ìbejì, ohun tí ó sì kọ sínú fóònù nìyẹn. Aláró rẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ̀wé sí aláró pé:

“Ẹ má tíì rẹ aṣọ Màmá yẹn o. Kò tíì san àsansílẹ̀, ó sì ń dà mí láàmú lójoojúmọ́.”

Ọ̀dọ̀ Màmá ló lọ. Àmì náà di búlúù kí ó tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kò pa á rẹ́. Ìgbésẹ̀ kejì: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kọ èyí:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Aláró wa ni mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí. Ohun tí mo sọ nípa yín kò dára, kò yẹ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń pè yín báyìí.”

Gbólóhùn kẹta ló gbé ẹ̀bẹ̀ náà ró. Ká ní ó dúró sí “ẹlòmíràn ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí,” ìtumọ̀ rẹ̀ létí Màmá ni pé ó dùn ún pé àṣírí tú, kò dùn ún pé ó sọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ìpè. Ohùn ń gbé ìrẹ̀lẹ̀ tí lẹ́tà kò lè gbé. Ó jẹ́ kí Màmá bínú tán, kò gbèjà ara rẹ̀, kò sì mẹ́nu ba owó. Ìgbésẹ̀ kẹrin: lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí ilé Màmá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àgbà tí a bú kì í sábà gba ẹ̀bẹ̀ orí fóònù tán nínú ọkàn rẹ̀. Ká ní inú ṣì ń bí Màmá, ẹni tó mú wọn mọ ara wọn níbi ayẹyẹ ni yóò bá a wá gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni owó. Àsansílẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí pé owó aṣọ funfun àti owó aró ń dúró dè é. Kò fi ẹ̀bi dá owó náà nù, kò sì bá ẹ̀bẹ̀ pa á pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ló sọ pé: “Màmá, bí ẹ bá fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, aṣọ yóò wọ aró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó ti tán? Bí Màmá bá tún ń béèrè àwọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tó wù ú, tàbí tó ń fi ọ̀rọ̀ náà dá àpárá fúnra rẹ̀, ọ̀nà ti là. Bí ó bá ń fèsì pẹ̀lú “ó dáa” nìkan, ẹ̀dùn ṣì wà nílẹ̀, àsìkò alábẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó sì lè gbé iṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀bẹ̀ kì í fipá mú ẹni tí a ṣẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kí ọ̀rọ̀ náà má dé etí àwọn ọgbọ̀n ènìyàn yòókù pẹ̀lú ìbínú.

6.6 Ohun tó ń ba àtúnṣe jẹ́

Irọ́ ló léwu jù. “Ọmọ ló ń fi fóònù mi ṣeré” kò bá ọ̀rọ̀ tó ní aṣọ àti àsansílẹ̀ nínú mu. “Wọ́n ti gba àkáǹtì mi” tún burú ju ìyẹn lọ. Ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn. Oníṣòwò tó purọ́ bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ìtajà rẹ̀.

Àsọtúnsọ ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀bẹ̀ ọ̀ràn kékeré kì í ju gbólóhùn kan lọ. Ti ọ̀ràn ńlá ń béèrè ìpè àti ìbẹ̀wò kan. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń mú kí ẹni tí a ṣẹ̀ máa rántí ohun tó ti fẹ́ gbàgbé.

6.7 Bí a ṣe ń kọ orúkọ sínú fóònù

Lálẹ́ ọjọ́ tí o bá pàdé ẹni tuntun, kọ ohun mẹ́ta sí orúkọ rẹ̀: bí a ṣe ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀, àti àdúgbò tàbí ibi tí ẹ ti pàdé. Ìyá Ìbejì méjèèjì á wá di “Ìyá Ìbejì Aláró Ìtòkú” àti “Ìyá Ìbejì Aṣọ Ẹgbẹ́ Àsẹ́rò”. Bí o bá ti mọ orúkọ gidi, fi sí i. Iṣẹ́ tí ọkàn ń tètè rántí yóò wá máa fa orúkọ jáde.

Kí o tó fi ọ̀rọ̀ tó kan owó tàbí ènìyàn ránṣẹ́, ka orúkọ tó wà lókè ojú fóònù ní ohùn jẹ́jẹ́. Àwọn orúkọ tó wà nínú àkójọ ìjíròrò máa ń sún kúrò ní àyè wọn nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ tuntun bá wọlé, àtàǹpàkò lè balẹ̀ sórí ẹlòmíràn láìmọ̀.

Ìsọnísókí

- Má ṣe méfò orúkọ. Sọ ohun tí o rántí, béèrè, lo orúkọ náà, kí o sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.
- Bi àgbà pé kí ni ká máa pè wọ́n, tàbí kí o gba ẹnu ẹlòmíràn béèrè.
- Àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọn kò tíì kà: pa á rẹ́, kí o sì ṣàlàyé. Èyí tí wọ́n ti kà tó sì kàn wọ́n: tọrọ àforíjì ṣáájú ohun gbogbo.
- Bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí o sọ. Má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tó gbà nìkan.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ló dé tí ẹni tí ọ̀rọ̀ fẹ́ kàn kì í fi í gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ̀? Dárúkọ ohun méjì tí o lè ṣe kó tó kàn ọ́ láti dín èyí kù.
2. O fẹ́ fi olóyè kan láti Gbágùúrá han olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ kan, orúkọ olóyè náà sì sọnù. Kọ ohun tí o máa sọ ní gbólóhùn mẹ́ta.
3. O fi iye owó tí o ra ọjà kan ránṣẹ́ sí oníbàárà tó fẹ́ rà á. Àmì eérú méjì ló wà níbẹ̀. Kí lo máa ṣe, báwo ni ohun tí o máa sọ yóò sì ṣe yàtọ̀ bí ó bá di búlúù?
4. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Kí ẹnì kan jẹ́ Màmá inú 6.5, kí èkejì pè é lórí fóònù. Kí àwọn yòókù kíyè sí ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti yí padà di ìgbèjà ara-ẹni.
5. Wo orúkọ mẹ́wàá nínú fóònù rẹ. Èwo nínú wọn ni ẹni méjì lè jẹ́? Tún wọn kọ ní ọ̀nà tí 6.7 là sílẹ̀.